Bí a ṣe ń dáhùn ìbéèrè lórí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tó rẹ̀yìn: agbára márùn-ún àti ọ̀wọ́ iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ Etisalat Nàìjíríà

Nígbà tí olùkọ́ bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi fáìfù fọ́ọ̀sì àti fálù ṣéènì ṣàlàyé ìdí tí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kan fi rẹ̀yìn, ìdáhùn tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tó to agbára márùn-ún lẹ́sẹẹsẹ, tó tún to ẹ̀ka iṣẹ́ mẹ́sàn-án lẹ́sẹẹsẹ, tó wá kọ ìparí tí kò bá ìkankan nínú méjèèjì tan. Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kì í féèlì, àmọ́ máàkì rẹ̀ kì í kọjá àárín. Ibi tí irinṣẹ́ méjèèjì ti pàdé ni olùkọ́ ń wá.

Agbára márùn-ún, tí Michael Porter ti Harvard gbé jáde ní 1979, ń sọ ohun tó ń ni gbogbo ẹni tó wà lọ́jà kan lára. Fálù ṣéènì, tí òun kan náà gbé jáde ní 1985, tí màá máa pè ní ọ̀wọ́ iṣẹ́, ń sọ ohun tó ń lọ nínú ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Bí ìjì bá jà lórí ilé mẹ́rin tí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn wá wó, ẹni tó ń ròyìn bí ìjì náà ṣe le tó kò tíì dáhùn ìbéèrè. Ó gbọ́dọ̀ wọ inú ilé tó wó náà lọ wo òpó rẹ̀.

Màá fi Etisalat Nàìjíríà ṣe iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ilé-iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, tó di 9mobile ní 2017, tó sì di T2 ní 2025. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ìbéèrè náà kà báyìí: "Fi agbára márùn-ún àti ọ̀wọ́ iṣẹ́ ṣàlàyé ìdí tí Etisalat Nàìjíríà fi rẹ̀yìn lẹ́yìn 2013." Ẹ ní ẹgbẹ̀rún méjì ọ̀rọ̀ láti fi dáhùn rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wọn ìrẹ̀yìn náà kí ẹ tó ṣàlàyé rẹ̀

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ ọ́ pé ilé-iṣẹ́ náà "kógbá sílé". Kò kógbá sílé. Ó ṣì ń tajà lábẹ́ orúkọ mìíràn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìpín rẹ̀ lọ́jà rù, àwọn olówó rẹ̀ kúrò, orúkọ rẹ̀ sì yí padà. Mẹ́ta ni nǹkan wọ̀nyí, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n. Ẹ yan èyí tí ẹ máa fi ṣe òṣùwọ̀n, kí ẹ sì sọ ọ́ ní gbólóhùn àkọ́kọ́. Ìpín ọjà ni màá yàn, torí pé NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ní Nàìjíríà, máa ń gbé iye oníbàárà ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan jáde.

Ẹ kọ ọjọ́ àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ sínú ìwé kékeré kan kí ẹ tó kọ ohunkóhun mìíràn. Ní October 2008, ilé-iṣẹ́ náà ṣí ọjà fún gbogbo ènìyàn. Ọdún méje ti kọjá nígbà yẹn tí MTN àti ilé-iṣẹ́ tó wá di Airtel ti ń ta síìmù, Glo sì ti wọlé ní 2003. Ní 2013, Etisalat yá bílíọ̀nù 1.2 dọ́là lọ́wọ́ báńkì mẹ́tàlá. Ní 2014, ó ta òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì fún IHS, ilé-iṣẹ́ tó ń fi òpó yá àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù. Ní June 2016, Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀, dọ́là kan tó jẹ́ bíi náírà 197 sì ti di bíi 305 kí ọdún náà tó parí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017, Etisalat kò lè san gbèsè náà mọ́ bó ṣe yẹ. Ní June ọdún náà àwọn onípìn-ín láti Abu Dhabi kúrò, ní July ó sì di 9mobile. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Teleology ni ó rà á ní 2018.

Ohun tí ìwé kékeré yìí wà fún ni láti jẹ́ kí ẹ mọ ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀lé e. Ẹni tí kò bá ní i lọ́wọ́ á máa sọ pé àwọn oníbàárà sá, torí náà gbèsè kò ṣeé san. Ọjọ́ àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ náà fi hàn pé òdìkejì rẹ̀ ló sún mọ́ òótọ́: nígbà tí gbèsè náà dá wàhálà sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà ṣì ní oníbàárà tó tó mílíọ̀nù 20, ìpín rẹ̀ sì wà ní nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún. Sísá tó pọ̀ jù lọ wáyé lẹ́yìn ìgbà yẹn.

Ọ̀fìn kan wà nínú iye oníbàárà tí àwọn tó ń kánjú máa ń já sí. Ní March 2024, NCC kà á pé 9mobile ní oníbàárà bíi mílíọ̀nù 11.6 nínú mílíọ̀nù 219, èyí tí í ṣe ìdá 5.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní September ọdún kan náà, ó ti di mílíọ̀nù 3 lé díẹ̀ nínú bíi mílíọ̀nù 155, ìyẹn ìdá 2 lé díẹ̀. Ẹ má ṣe kọ ọ́ pé oníbàárà mílíọ̀nù 8 sá lọ láàárín oṣù mẹ́fà. Láàárín àkókò náà NCC yẹ ìwé àwọn ilé-iṣẹ́ wò, ó rí i pé ọ̀nà tí àwọn kan fi ń ka oníbàárà kò tọ́, wọ́n sì tún pa àwọn síìmù tí a kò so mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN. Òṣùwọ̀n ló yí padà. Bí ẹ bá ya àwòrán tí ó ní ìlà tó já wálẹ̀ níbẹ̀ láìsọ ìdí, olùkọ́ tó mọ ọjà yìí á mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ẹ kò ka ohun tó wà lábẹ́ nọ́ńbà náà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ pààlà sí ọjà náà

Gbólóhùn méjì ti tó fún èyí, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fò ó. Ọjà tí à ń wò ni ìpè àti dátà lórí fóònù alágbèéká ní Nàìjíríà. Bí ẹ bá kọ "ọjà tẹlifóònù àgbáyé", agbára ìjọba Nàìjíríà, iye náírà àti ìnáwó dísù á bọ́ sọ́nù, bẹ́ẹ̀ àwọn ni wọ́n gbé ìtàn náà ró.

Ìgbésẹ̀ kẹta: agbára márùn-ún, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ìwọ̀n kan náà

Kò sí òfin tó ní kí ẹ fún agbára kọ̀ọ̀kan ní ìpínrọ̀ tó gùn dọ́gba. Ní tòótọ́, ẹni tó bá fún márààrún ní ọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún méjì méjì ti sọ fún olùkọ́ pé òun kò mọ èyí tó wúwo. Fún agbára kọ̀ọ̀kan, ohun mẹ́ta ni ẹ ní láti kọ: ẹ̀rí kan, bí ẹ̀rí náà ṣe fi agbára hàn, àti ohun tó ṣe sí owó tó ń wọlé tàbí owó tó ń jáde. Ohun kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé.

Ewu àwọn tuntun tó fẹ́ wọlé kéré, ẹ má pẹ́ níbẹ̀. Láìsẹ́nsì wọ́n, òpó wọ́n, kò sì sí ilé-iṣẹ́ ńlá tuntun tó wọlé lẹ́yìn Etisalat fúnra rẹ̀ tó gba ìpín ọjà tó nípọn. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì kọjá. Ó kàn dára kí ẹ fi gbólóhùn kan kún un pé Etisalat ló wọlé kẹ́yìn nínú àwọn mẹ́rin ńlá. Ìdènà tó ń dá àwọn tuntun dúró náà ló jẹ́ kí ó náwó rẹpẹtẹ kí ó tó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dé ibi tí ti àwọn tó kù dé.

Agbára oníbàárà ni ibi tí ọjà yìí ti ní àrà tirẹ̀. Oníbàárà kan ṣoṣo kò lè dúnàádúrà pẹ̀lú MTN tàbí Etisalat, ìwé á sì sọ fún yín pé agbára rẹ̀ kéré. Àmọ́ ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ń ta ọjà ní ọjà Bódìjà tàbí ọmọ yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀: fóònù onísíìmù méjì ni. Lórí irú fóònù bẹ́ẹ̀, ṣíṣí kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀. Kò ní láti pe ẹnikẹ́ni, kò ní láti fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ó kàn máa ra dátà sórí síìmù kejì ni. Ní April 2013, NCC tún jẹ́ kí ènìyàn lè gbé nọ́ńbà rẹ̀ lọ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn. Ẹ̀rí tó dára nìyí, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: síìmù kejì ni ó ṣe iṣẹ́ náà jù, ìgbénọ́ńbàlọ kò sì tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó sì ṣe ni pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá burú lónìí, owó á ti kúrò lọ́la, kí oníbàárà tó "kúrò" nínú ìwé NCC pàápàá. Ìdí kan rèé tí iye síìmù kì í fi sọ òótọ́ nípa owó.

Lórí ohun tó lè dípò, akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ pé WhatsApp pa owó ìpè, wọ́n á sì dúró síbẹ̀. Ó yẹ kí a tẹ̀ síwájú. Ẹni tó ń fi WhatsApp pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní London kò kúrò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, dátà ló ń rà lọ́wọ́ wọn. Owó náà ṣí láti orí ìpè lọ sórí dátà. Ìpè lè gba orí ẹ̀rọ àtijọ́ kọjá, àmọ́ dátà ń fẹ́ 3G àti 4G, ìyẹn ẹ̀rọ tuntun tí a fi dọ́là rà. Nítorí náà, ohun tí arọ́pò yìí ṣe ni pé ó gbé ọjà náà fún ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ láti máa ra ẹ̀rọ. Ẹ fi ìlà sábẹ́ èyí nínú ìwé àkọsílẹ̀ yín, torí pé a óò padà lò ó.

Agbára àwọn tó ń ta nǹkan fún ilé-iṣẹ́ ga. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò pọ̀ láyé, dọ́là ni wọ́n sì ń gbà. Lẹ́yìn 2014 àwọn tó ni òpó di sọ́púláyà, nígbà tí òpó tó ti jẹ́ ti Etisalat tẹ́lẹ̀ di ohun tó ń yá lóṣooṣù, tí apá kan nínú owó àyálò náà sì ń tẹ̀lé iye dọ́là. Ẹ fi dísù kún un, torí iná ìjọba kì í dúró. Níbí yìí, ẹ lè ṣe ìṣirò kékeré kan tí ó ń wú olùkọ́ lórí ju àlàyé gígùn lọ: gbogbo mílíọ̀nù dọ́là kan tí ilé-iṣẹ́ náà ní láti san gba náírà mílíọ̀nù 197 kí náírà tó bọ́, ó sì gba mílíọ̀nù 305 lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá pín in, ìnáwó kan náà ti fi ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Náírà sì ni oníbàárà fi ń san, ilé-iṣẹ́ kò sì lè fi ìdá 55 kún owó ìpè láìgba àṣẹ NCC.

Àwọn kan á béèrè bóyá báńkì tó yáni lówó jẹ́ sọ́púláyà. Ẹ lè jiyàn rẹ̀ pé owó náà jẹ́ ohun èlò. Èmi kì í fi í síbẹ̀, torí ìpinnu láti yá owó ní dọ́là jẹ́ ìpinnu tí ilé-iṣẹ́ ṣe nínú yàrá ìgbìmọ̀ rẹ̀, inú ọ̀wọ́ iṣẹ́ ló sì ti yẹ ká bá a. Bí ẹ bá kọ ọ́ sí ibi méjèèjì, ẹ ti ka nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn.

Ìdíje láàárín àwọn tó wà lọ́jà ni ẹ máa fi parí apá yìí. Ìnáwó tó ń bá òpó rìn kì í dín bí oníbàárà bá dín, nítorí náà gbogbo wọn ló ń sáré láti kó ènìyàn sórí òpó wọn, wọ́n sì ń fi owó pọ́ọ́kú ṣe é. MTN tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí NCC fi kéde ní 2013 pé òun ló borí nínú ọjà ìpè. Ilé-iṣẹ́ kẹrin nínú irú ọjà yìí kò lè dá iye owó sílẹ̀ fúnra rẹ̀, iye tí ẹni tó tóbi jù bá fi lélẹ̀ ló máa tẹ̀lé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìdánwò orúkọ

Kí ẹ tó lọ sí ọ̀wọ́ iṣẹ́, ẹ ka ohun tí ẹ ti kọ. Ẹ wo ìpínrọ̀ yìí, irú èyí tí ó pọ̀ nínú ìwé ìdáhùn:

"Ìdíje le gan-an láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ní Nàìjíríà. Àwọn sọ́púláyà ń gba dọ́là, náírà sì bọ́ sílẹ̀ ní 2016. Èyí jẹ́ kí èrè Etisalat dínkù, ìdí nìyẹn tí ó fi rẹ̀yìn."

Ẹ pa Etisalat rẹ́, ẹ fi Airtel dípò rẹ̀. Gbogbo gbólóhùn náà ṣì jẹ́ òótọ́ títí dé ìgbà tí ó sọ pé "ó fi rẹ̀yìn". Airtel kò rẹ̀yìn. Ti MTN tún le ju ìyẹn lọ: ní October 2015 NCC bu owó ìtanràn tó ju náírà tírílíọ̀nù kan lọ lé e lórí nítorí àwọn síìmù tí kò forúkọ wọn sílẹ̀ dáadáa, wọ́n sì dín in sí bílíọ̀nù 330 ní June 2016, oṣù kan náà tí náírà bọ́. Ìjì kan náà ni, ó tún ru ẹrù kún un, síbẹ̀ ó dúró.

Gbólóhùn èyíkéyìí tí ó bá ṣì jẹ́ òótọ́ nígbà tí ẹ bá fi orúkọ ẹlòmíràn sí i, ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe ìdáhùn. Ẹ má ṣe pa á rẹ́ o. Ẹ fi sí ibi tó yẹ ẹ́, kí ẹ sì kọ gbólóhùn afárá kan, bíi: "Agbára wọ̀nyí kan ilé-iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin; ohun tó kù láti ṣàlàyé ni ìdí tí Etisalat kò fi lè rù wọ́n." Láti ibí yìí ni ẹ ti ń gba máàkì tó ga.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọ̀wọ́ iṣẹ́, pẹ̀lú ẹni tí a fi ń wé e

Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà tí a lè fọwọ́ kàn ni Porter ní lọ́kàn nígbà tó ya àwòrán ọ̀wọ́ iṣẹ́: ohun èlò wọlé, wọ́n ṣe é, wọ́n gbé e jáde, wọ́n tà á, wọ́n sì tọ́jú ẹni tó rà á. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí lọ́rì tó ń já ohun èlò sílẹ̀ ní àárọ̀. Ẹ má ṣe fi agídí wá "ohun èlò tó wọlé" kí àpótí má bàa ṣófo. Àwọn onímọ̀ méjì, Stabell àti Fjeldstad, sọ ọ́ ní 1998 pé ilé-iṣẹ́ tó ń so ènìyàn pọ̀ ní ọ̀nà mìíràn láti mú iye wá: kí wọ́n kó oníbàárà jọ, kí wọ́n máa so wọ́n pọ̀, kí wọ́n sì máa tọ́jú ẹ̀rọ tó so wọ́n pọ̀. Gbólóhùn kan nípa èyí nínú ìdáhùn yín á fi hàn pé ẹ mọ ibi tí irinṣẹ́ náà mọ. Lẹ́yìn náà, ẹ lo ẹ̀ka mẹ́rin tó ní ọ̀rọ̀ nínú, kí ẹ sì fi àwọn yòókù sílẹ̀.

Ìpolówó àti títà ni ẹ̀ka tó lágbára jù, ó sì yẹ kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ láìfòyà. Ìbéèrè lórí ìrẹ̀yìn kò ní kí gbogbo nǹkan burú. Etisalat jẹ́ kí ènìyàn fúnra rẹ̀ yan nọ́ńbà 0809 tó wù ú, ó dojú kọ àwọn ọ̀dọ́, ó sì ní orúkọ rere lórí dátà. Nígbà tí gbígbé nọ́ńbà lọ bẹ̀rẹ̀ ní 2013, òun ni àwọn ènìyàn ń gbé nọ́ńbà wọn wá bá. Ilé-iṣẹ́ tí ó wọlé kẹ́yìn kò ní ohun mìíràn tó lè fi jà ju èyí lọ.

Lórí ríra nǹkan, títa òpó fún IHS ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dá lẹ́bi. Ẹ lo ìdánwò orúkọ: MTN náà ta òpó tirẹ̀ fún IHS ní 2014, tirẹ̀ sì pọ̀ ju ti Etisalat lọ fíìfíì. Nítorí náà títà náà kì í ṣe ìdí. Ìyàtọ̀ wà nínú iye ènìyàn tó ń gbé owó àyálò náà. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ lásán sọ ọ́: bí owó àyálò òpó kan bá jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà lóṣù, tí ẹgbẹ̀rún méjì oníbàárà wà lórí rẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé náírà 500. Bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ̀ta, ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé nǹkan bíi 1,667. Ilé-iṣẹ́ kékeré ń san owó kan náà fún òpó kan náà, ṣùgbọ́n èjìká tó ń gbé e kéré. Ìyàtọ̀ yìí kò ṣeé rí nínú agbára márùn-ún rárá, torí pé iye owó tí sọ́púláyà ń gbà lọ́wọ́ wọn lè jọra.

Iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì gan-an ni ẹ̀ka kẹta. Etisalat bẹ̀rẹ̀ 4G ní 2016, kò sì pẹ́ sí MTN tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà, ó tilẹ̀ ṣáájú Airtel tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018. Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ ọ́ pé kò mọ ibi tí ọjà ń lọ. Ó mọ̀ ọ́n. Ohun tí kò ní lẹ́yìn 2017 ni owó láti máa bá a lọ. Nígbà tí wọ́n ta àyè 5G ní December 2021, MTN àti Mafab ni wọ́n mú un, Airtel gba tirẹ̀ lẹ́yìn náà, 9mobile kò sí níbẹ̀. Ẹni tó mọ ibi tí ọjà ń lọ tí kò sì lè tẹ̀lé e, inú àpò ni àìsàn rẹ̀ wà.

Ìyẹn ló gbé wa dé ẹ̀ka tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi gbólóhùn kan parí: ìṣàkóso, tó kó ìnáwó àti àdéhùn pẹ̀lú àwọn onípìn-ín sínú. Níbí ni kí ẹ lò jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yín. Ìpín ilé-iṣẹ́ náà rí báyìí: Etisalat ti Abu Dhabi ní ìdá 45, Mubadala, ilé-iṣẹ́ ìdókòwò ìjọba Abu Dhabi, ní 40, àwọn ará Nàìjíríà tó ní láìsẹ́nsì ní 15. Ó yá bílíọ̀nù 1.2 dọ́là, apá kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là gan-an, nígbà tó jẹ́ pé náírà nìkan ló ń wọlé. Nígbà tí náírà bọ́ tí gbèsè sì fún un lọ́rùn, àwọn olówó tó ní ìdá 85 ṣírò ó pé ó sàn kí àwọn kúrò ju kí àwọn tún kó owó wá lọ. Báńkì Àpapọ̀ àti NCC ní láti dá sí i kí àwọn báńkì má bàa gba ilé-iṣẹ́ náà pátápátá, wọ́n sì yan ìgbìmọ̀ tuntun. Láti ìgbà náà, àwọn tó ń darí rẹ̀ ń wá ẹni tí yóò rà á, wọn kò ráyè wá ibi tí wọ́n á gbé òpó sí.

Ní báyìí, ẹ wo bí ẹ̀ka kan ṣe ba òmíràn jẹ́, torí pé ìsopọ̀ láàárín ẹ̀ka ni ọkàn ọ̀wọ́ iṣẹ́. Ti Abu Dhabi ni orúkọ náà "Etisalat". Nígbà tí wọ́n kúrò, wọ́n mú orúkọ wọn lọ. Gbogbo owó tí wọ́n ti ná sórí ìpolówó láti 2008, ní ẹ̀ka tó lágbára jù, bá orúkọ náà lọ ní July 2017. Ìṣòro tó bẹ̀rẹ̀ nínú ìnáwó ló pa ìpolówó, láìjẹ́ pé ẹ̀ka ìpolówó ṣẹ̀. Mi ò tíì rí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ èyí, bẹ́ẹ̀ ó wà lójú táyé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ so méjèèjì pọ̀ nínú ìpínrọ̀ kan

Ìpínrọ̀ yìí ni ẹ máa kọ́kọ́ kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìparí ìdáhùn ló máa wà. Bí ẹ kò bá lè kọ ọ́, ẹ kò tíì ní ìdáhùn. Ti èmi á rí báyìí:

"Ìpè ṣí lọ sórí dátà, dátà sì ń fẹ́ ẹ̀rọ tí a fi dọ́là rà; nítorí náà, láàárín 2013 sí 2017 ọjà náà ń san ẹ̀san fún ẹni tó lè máa rí owó. Etisalat yàn láti fi gbèsè rí i, apá kan rẹ̀ ní dọ́là, nígbà tí oníbàárà rẹ̀ kò tíì pọ̀ tó láti gbé ìnáwó òpó bí ti MTN. Bíbọ́ náírà ní 2016 kan gbogbo wọn, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ Etisalat nìkan ni ó ti mú kí onípìn-ín kúrò, ìkúrò náà sì gba owó àti orúkọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Níwọ̀n bí oníbàárà onísíìmù méjì ti lè ṣí kúrò lọ́fẹ̀ẹ́, àìlówó fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì di ìpàdánù ọjà."

Ẹ dán orúkọ wò nínú rẹ̀. Kò gba MTN, kò sì gba Airtel. Ẹ tún rí i pé agbára mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀: arọ́pò, sọ́púláyà àti oníbàárà. Èyí tó dára ni pé a ti sọ ọ́ ṣáájú pé ewu àwọn tuntun kéré, àti pé ìdíje kan gbogbo wọn.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ sọ ibi tí irinṣẹ́ náà mọ, kí ẹ sì dáhùn "kí ni kí wọ́n ṣe?"

Ìkìlọ̀ méjì ló yẹ kó wọlé. Ìkíní, ẹ má ṣe sọ ìjọba di agbára kẹfà. Porter fúnra rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní ìjọba ń ṣiṣẹ́ nípasẹ̀ àwọn márùn-ún. Ẹ fi hàn bí NCC ṣe fi gbígbé nọ́ńbà lọ gbé agbára oníbàárà ga, àti bí ó ṣe dènà kí owó ìpè tètè gòkè. Ìkejì, MTN Nàìjíríà wà lórí pátákó ìdókòwò láti 2019, Airtel Africa náà bẹ́ẹ̀, ìwé ìnáwó wọn sì wà fún gbogbo ènìyàn láti kà. 9mobile kò sí níbẹ̀, nítorí náà ẹnikẹ́ni tó bá kọ èrè orí oníbàárà kan sílẹ̀ fún un bí ẹni pé ó rí i nínú ìwé, ó gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ti rí i. Ẹ kọ ọ́ pé àwọn nọ́ńbà òpó tí ẹ lò jẹ́ àpẹẹrẹ.

Bí ìbéèrè bá tún ní kí ẹ dámọ̀ràn, ẹ má ṣe kọ "kí wọ́n polówó sí i". Ẹ ti fi hàn pé ìpolówó kọ́ ni àìsàn náà. Ẹ gbé ìgbésẹ̀ tí wọ́n gbé gan-an wò. Ní 2025, NCC fọwọ́ sí i pé kí oníbàárà 9mobile máa lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì MTN káàkiri orílẹ̀-èdè, ní oṣù August ọdún náà ni ó sì di T2. Lójú ọ̀wọ́ iṣẹ́, ọgbọ́n wà nínú rẹ̀: ó bọ́ lọ́wọ́ ìnáwó òpó tí oníbàárà díẹ̀ kò lè gbé, ó sì dé ibi tí kò lè dé tẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lójú agbára márùn-ún, ẹni tó ń bá a díje jù ti di sọ́púláyà rẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù, tí yóò máa gba owó lórí gbogbo dátà tí T2 bá tà níbẹ̀. Iye tí T2 lè tà á kò lè wálẹ̀ ju ohun tí MTN bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kò sì lè dára ju ti MTN. Bí ẹ bá dámọ̀ràn pé kí ó tẹ̀ síwájú bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ohun tí yóò tún máa tà tí MTN kò ní, àti òpó wo ni yóò kọ́kọ́ tún ṣe fúnra rẹ̀ kí àdéhùn náà tó parí.